Ibi Tí "Bí" Máa Ń Bọ́ Sí

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì. Ọ̀gá àgbà ti to ètò ọdún márùn-ún sínú sílaìdì 84, àmọ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí níṣẹ́ tiwọn níbòmíràn, wọn ò ráyè ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n bá gé e kù sí ojú-ìwé mẹ́fà. Ó wá ku ímeèlì tó máa gbé e lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ kò ju pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìkékúrú ètò wa." Ẹni tó gbà á kò mọ̀ bóyá kíkà lásán ni wọ́n fẹ́ kó kà á, tàbí kó fọwọ́ sí nǹkan. Kò sì mọ ohun tó bọ́ nù nígbà tí wọ́n ń gé e.

Ohun tó sábà ń bọ́ nù ni "bí". Sílaìdì 57 ní ẹ̀rọ tuntun yóò dá owó rẹ̀ padà lọ́dún mẹ́ta, bí dọ́là kò bá wọ́n sí i, bí àwọn àgbẹ̀ bá sì ń kó 60 tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ wá lójúmọ́. Nínú ojú-ìwé mẹ́fà náà, ọdún mẹ́ta nìkan ló kù. Ẹnikẹ́ni ò parọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Irú rẹ̀ ti gbẹ̀mí rí. Ní oṣù Kìíní 2003, fóòmù kan já lu ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Kòlọ́ńbíà ti Amẹ́ríkà. Àkọlé sílaìdì tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá fini lọ́kàn balẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fóòmù náà tóbi ju èyí tí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ó tó ìlọ́po 640. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, ọkọ̀ náà fọ́ nígbà tó ń padà bọ̀, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Nítorí náà, ímeèlì ilé-iṣẹ́ sítáàṣì wa ìbá rí báyìí:

"Àkọlé: Fún ìpinnu ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá: ẹ̀rọ tuntun, ₦900 mílíọ̀nù.

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ wa, ìpinnu kan la ń tọrọ: kí ẹ fọwọ́ sí ríra ẹ̀rọ náà. Ọdún mẹ́ta tó wà lójú-ìwé kejì dúró lórí iye dọ́là àti ẹ̀gẹ́ tó ń wọlé. Bí dọ́là bá fi ìdá kan nínú márùn-ún wọ́n sí i, ó di ọdún mẹ́rin (sílaìdì 57). A yọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìpolówó kúrò. Ó wà ní sílaìdì 60 sí 71. A ò yí iye kankan padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 9."

Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n fún ẹni tí kò rí sílaìdì 84 náà kà, kí wọ́n sì bi í pé: kí ló lè ba ètò yìí jẹ́? Bí kò bá rí èsì fọ̀, "bí" ti bọ́ nù nìyẹn.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Àmọ́ ẹni tí a kò sọ fún pé àbọ̀ ni, odindi ló máa pè é.