Òṣìṣẹ́ tàbí agbaṣẹ́ṣe: ta ni owó rẹ̀ pọ̀ jù?

Ká sọ pé oníṣirò owó méjì ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ₦200,000 sì ni iye tí wọ́n bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lóṣù. Ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́, èkejì jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹni táwọn èèyàn ń pè ní kọ́ńtírákítọ̀. Tóṣù bá parí, ₦166,400 ló ń wọ àpò òṣìṣẹ́, ₦190,000 ló ń wọ àpò agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tó bá wò ó báyìí á ní kọ́ńtíráàtì ló sàn jù, àmọ́ ìṣirò ò tíì parí.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un látinú àpò tiẹ̀. ₦16,000 nìyẹn látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, ₦20,000 látọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Lóṣooṣù, ₦36,000 ń wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. ₦17,600 tó kù tí wọ́n yọ jẹ́ owó orí. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ìdá 15 ni wọ́n ń gbà lórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ti agbaṣẹ́ṣe wá ńkọ́? ₦10,000, ìyẹn ìdá 5, ni ilé-iṣẹ́ yọ kí wọ́n tó sanwó fún un. Àsansílẹ̀ owó orí ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ ìṣirò owó tó wọlé fún un lọ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ kó tó di ọjọ́ 31, oṣù kẹta. Tí kò bá ní ìnáwó iṣẹ́ kankan láti yọ, ₦240,000 ni owó orí rẹ̀ lọ́dún. Wọ́n ti yọ ₦120,000, ó ku ₦120,000. Bó bá sì sọ ìwé ẹ̀rí àsansílẹ̀ yẹn nù, ó lè san án lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ₦180,000 ló kù fún un lóṣù lóòótọ́. Ó fi ₦13,600 ju òṣìṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní ₦36,000 níbì kankan. Bó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ní ètò ìdójútòfò tí agbanisíṣẹ́ ń san ìdá 1 owó oṣù sí. Agbaṣẹ́ṣe ló máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan kọ́ ló ń parí ọ̀rọ̀ o. Lọ́dún 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà sọ ohun tí wọ́n máa ń wò: ṣé owó oṣù ni wọ́n ń san, ta ló ni irinṣẹ́, ta ló ń dá aago iṣẹ́, ṣé ó lè rán ẹlòmíràn wá ṣe é? Ẹni tí wọ́n ń dá aago fún lójoojúmọ́, tó ń lo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, lè jẹ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní kọ́ńtírákítọ̀.