Ìlà Mẹ́ta Tó Ń Ṣíwájú Orin

Olórin tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kankan, àpò ara rẹ̀ ni owó ìpolówó ti ń jáde. Fídíò kékeré, bí ìṣẹ́jú-àáyá 15, tó ń gbé síta kí orin tó jáde kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ìkíni ló sì sábà máa ń ba irú fídíò bẹ́ẹ̀ jẹ́: "Ẹ̀yin olólùfẹ́ mi, orin mi tuntun ń bọ̀ o." Ẹni tó gbọ́ ìyẹn ti gbọ́ tán, ó ti fọwọ́ ra fóònù kọjá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin kan n'Íbàdàn kọrin nípa àpótí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì pè é ní "Kọ́kọ́rọ́". Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Láti kékeré mi ni àpótí kan ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.
Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n ní n ò tíì gbọdọ̀ ṣí i.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, màá ṣí i."

Ìlà kìíní kò dárúkọ orin, kò dárúkọ olórin. Ohun tí a lè fojú rí ló gbé kalẹ̀. Ìró àpótí tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì ti tó níbẹ̀, kò nílò orin.

Ìlà kejì ló le jù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi tún ìlà kìíní sọ: "Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Ìtàn ò kúrò lójú kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú tiwa, kọ́kọ́rọ́ ti dé ọwọ́ ọmọ, èèwọ̀ sì bá a dé, ọkàn olùwòran ò lè balẹ̀ mọ́. Kí gángan dún lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, kó dákẹ́.

Ìlà kẹta fún wa lọ́jọ́, kò fún wa lésì. Lẹ́yìn rẹ̀, akọrin á mí kanlẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé ègbè, fídíò á sì parí síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ orin àti déètì lójú fóònù. Bí ègbè bá fi lè wọlé, ara olùwòran ti rọ̀. Kí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn ní kíkọ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí ohùn fóònù wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ ka ìlà méjì àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí, kí ẹ dákẹ́. Bó bá béèrè pé "Kí ló wà nínú ẹ̀?", ó ti ṣiṣẹ́. Bó bá ní "Orin yẹn á dùn o", ẹ tún ìlà kejì kọ. Orin fúnra rẹ̀ sì gbọdọ̀ ṣí àpótí náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti tan àwọn èèyàn.

Láti 2015 ni ọjọ́ Jímọ̀ ti di ọjọ́ tí orin tuntun ń jáde káàkiri ayé. Spotify sì ń fẹ́ kí orin ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ó kéré tán, ọjọ́ 7 ṣáájú, kí wọ́n tó lè gbé e yẹ̀ wò fún àkójọ orin wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìlà kẹta sínú fídíò títí déètì yóò fi dájú lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá yín pín orin náà.