Yàrá Kékeré Lórí Ìwé Gíráàfù

Nínú àwọn fúláàtì kékeré tó wà ní Maryland nílùú Èkó, láti Mende dé ẹ̀gbẹ́ Ikorodu Road, yàrá tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹni tó ń wá ilé á dúró láàárín yàrá òfìfo, á wò yíká, á ní bẹ́ẹ̀dì á wà níbí, wọ́dúróòbù á wà lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni, méjèèjì á wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kì í rí nínú yàrá òfìfo ni àyè tí ẹrù ń gbà nígbà tí a bá ń lò ó: ibi tí ilẹ̀kùn ń gbá dé, ibi tí ènìyàn ń dúró sí láti mú aṣọ, ọ̀nà tí a ń gbà lọ sí ilé ìwẹ̀ lóru láì tan iná. Ìwé gíráàfù kan, pẹ́ńsùlù, rúlà àti kọ́ńpáàsì lè fi gbogbo rẹ̀ hàn wá kí a tó fún káfíńtà ní kọ́bọ̀.

Ìwé gíráàfù tí àwọn ọmọ girama ń lò ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Àpótí ńlá inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ní ìbú àti ní òró, a sì pín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 10. Bí a bá ní kí àpótí ńlá kan dúró fún mítà 1, àpótí kékeré kan á dúró fún sẹ̀ǹtímítà 10. Ìyẹn ni pé a ti dín yàrá kù ní ìlọ́po 50, àwọn ayàwòrán ilé á sì kọ ọ́ báyìí: 1:50. Ìdí tí a fi lè gbẹ́kẹ̀ lé e ni pé gígùn nìkan ló ń dín kù, igun kì í yí padà. Ilẹ̀kùn tó ṣí dé ìwọ̀n 90 nínú yàrá á ṣí dé ìwọ̀n 90 kan náà lórí ìwé. Nítorí náà, bí a bá fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì gún ibi tí hínjì wà, tí a sì na ẹsẹ̀ kejì dé òpin pákó ilẹ̀kùn, ìlà roboto tí a bá fà ni ilẹ̀ tí ilẹ̀kùn náà ń gbá gan-an. Ohunkóhun tó bá wọ inú ìlà yẹn, ilẹ̀kùn á kọlù ú.

Ìwọ̀n yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ sì fi téèpù mú un fúnra yín. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ajẹ́ńtì sọ tàbí pùláànù onílé, torí pé ìwọ̀n inú pùláànù lè jẹ́ ti bíríkì kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ àti táìsì á sì jẹ nínú àyè náà. Ẹ wọn ìbú yàrá ní ibi méjì, nítorí ògiri wa kì í sábà gún régé, kí ẹ sì lo èyí tó kéré jù. Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì ilẹ̀kùn, fèrèsé, sọ́kẹ́ẹ̀tì iná àti súìṣì. Súìṣì tí wọ́dúróòbù bá bò mọ́lẹ̀ kò wúlò mọ́.

Ewu kan wà nínú ìwọ̀n tí ó máa ń pọ̀ ní Èkó. Nàìjíríà ti bọ́ sínú mítà láti àwọn ọdún 1970, síbẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì ni a fi ń ta fóòmù, ó sì wà lẹ́nu àwọn káfíńtà. Ilé iṣẹ́ Vitafoam kò jìnnà sí Maryland, ní Oba Akran, Ìkẹjà, fóòmù 6 sí 4½ sì wà lára àwọn tí a mọ̀ dáadáa. Mẹ́rin ààbọ̀ yẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 6, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 5. Fóòmù náà jẹ́ mítà 1.37 ní ìbú, mítà 1.83 ní gígùn. Ṣùgbọ́n fóòmù kọ́ ni yóò dúró nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì ni. Pákó orí àti ti ẹ̀gbẹ́ á fi kún un, kí a kúkú yà á ní mítà 2 sí 1.5.

Ẹ gé bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù nínú páálí tín-ín-rín ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ lè máa sún wọn kiri lórí ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ fi ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù kún páálí rẹ̀. Wọ́dúróòbù tó fẹ̀ tó mítà 1.2, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì ní ilẹ̀kùn méjì, ń gba sẹ̀ǹtímítà 60 mìíràn níwájú nígbà tó bá ṣí. Páálí tí kò bá ní èyí ń tàn wá jẹ.

Ó ku ènìyàn fúnra rẹ̀. Èjìká àgbàlagbà fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50. Nítorí náà, ọ̀nà sẹ̀ǹtímítà 60 ló kéré jù fún ẹni tó ń dá rìn, 75 sí 90 sì ni a fẹ́ fún ọ̀nà tí a ń gbà lójoojúmọ́. Ernst Neufert, ayàwòrán ilé ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde ní 1936 tó kún fún irú ìwọ̀n báyìí, a sì ń lò ó kárí ayé títí dòní. Ìwọ̀n wọ̀nyí wúlò, àmọ́ ẹ fi ìgbé ayé tiwa kún un: ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn nípọn ju ẹni tí kò pọn ọmọ lọ, ẹni tó gbé korobá omi sì nílò àyè fún apá rẹ̀. Mo rò pé 75 ni kí a dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe yàrá kan. Ó jẹ́ mítà 3.6 ní ìbú, mítà 3 ní jíjìn. Ilẹ̀kùn tó wá láti pálọ̀ wà ní igun òsì, pákó rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, hínjì rẹ̀ wà lápá òsì, ó sì ń ṣí lọ fara ti ògiri òsì. Fèrèsé wà ní ògiri iwájú. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wà lára ògiri ọ̀tún, nítòsí fèrèsé, pákó rẹ̀ jẹ́ 70, ó sì ń ṣí sínú yàrá, torí pé bó bá ṣí sínú ilé ìwẹ̀, àwo ìyàgbẹ́ á dá a dúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya á kọ́kọ́ fẹ́ ni kí bẹ́ẹ̀dì wà láàárín, kí orí rẹ̀ kọ sí fèrèsé, kí oníkálukú ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 105 á ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún àti lósì, mítà 1 á sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á wá gbé wọ́dúróòbù sí igun ọ̀tún, kó fẹ̀yìn ti ògiri tí ilẹ̀kùn pálọ̀ wà. Tí a bá wò ó lókèèrè, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi kọ́ńpáàsì sí i: ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù tó wà lápá òsì á kọlu igun bẹ́ẹ̀dì kó tó ṣí dé ìwọ̀n 70. Ẹnìkan á ní kí a sún bẹ́ẹ̀dì sósì ní 20. Lóòótọ́, ilẹ̀kùn náà á ṣí nísinsìnyí, 5 péré ló sì ṣẹ́ kù láàárín òun àti bẹ́ẹ̀dì.

Níbí gan-an ni ìwé ti sàn ju ojú lọ. Wọ́dúróòbù jìn tó 60 nínú mítà 1 tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láti igun bẹ́ẹ̀dì dé igun wọ́dúróòbù, 40 ló ṣẹ́ kù, ibẹ̀ nìkan sì ni ọ̀nà tó lọ láti ilẹ̀kùn pálọ̀ sí ilé ìwẹ̀. Sísún tí a sún bẹ́ẹ̀dì sósì kò fi nǹkan kan kún un. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ á máa fi ẹ̀gbẹ́ wọlé lójoojúmọ́. A kì í tètè rí irú ìfúnpọ̀ yìí, torí pé igun sí igun ló wà, bẹ́ẹ̀ sì ni iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gé páálí roboto kan tó dúró fún sẹ̀ǹtímítà 75, kí ẹ máa yí i láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Ibi tó bá ti há, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Ẹ gbé wọ́dúróòbù lọ sí ògiri òsì. Ilẹ̀kùn pálọ̀ tó ṣí ń gba 80 lára ògiri náà, ẹ fi 10 sílẹ̀, wọ́dúróòbù gba 120. 90 ṣì kù nítòsí fèrèsé fún fáànù onídùúró. Láti ògiri òsì, wọ́dúróòbù jẹ́ 60, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ 60, ẹ fi 10 kún un, kí bẹ́ẹ̀dì tó bẹ̀rẹ̀ ní 130. Ó parí ní 280, 80 ló sì kù lọ́tùn-ún. Ọ̀nà láti pálọ̀ dé ilé ìwẹ̀ ti wá jẹ́ mítà 1 nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti 80 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Páálí roboto yẹn á yí kọjá láìfara kan nǹkan.

Ó ku ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ fúnra rẹ̀. Pákó 70 nínú ọ̀nà 80: ibi tí hínjì wà ló máa pinnu ohun gbogbo. Bí hínjì bá wà lápá fèrèsé, ọwọ́ ilẹ̀kùn á kọjú sí ẹni tó ń bọ̀, á fà á, ilẹ̀kùn á sì lọ dúró níwájú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀nà á wà gbalaja fún un láti wọlé. Bí hínjì bá wà lápá kejì, ilẹ̀kùn tó ṣí á dúró bí ògiri láàárín ọ̀nà, 10 ló máa kù láàárín òun àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń bọ̀ ní láti gun orí bẹ́ẹ̀dì kó tó kọjá. Káfíńtà lè yí hínjì padà: á dí ihò àtijọ́, á sì gbẹ́ tuntun fún hínjì àti kọ́kọ́rọ́. Ẹ sọ fún onílé kí ẹ tó pè é.

Ìwé gíráàfù ní ààlà. Ìlà pẹ́ńsùlù tó nípọn tó ìdajì mìlímítà dúró fún sẹ̀ǹtímítà 2.5 nínú yàrá, nítorí náà a kò lè fi ìwé 1:50 gba àyè 5 gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó wà lókè: kò sọ fún wa bóyá pákó orí bẹ́ẹ̀dì á dí fèrèsé. Fún àwọn ibi tó bá fún pọ̀, bíi 10 tó wà láàárín ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù àti bẹ́ẹ̀dì, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì lọ sí yàrá náà, kí ẹ ya igun ẹrù sílẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ so okùn mọ́ ibi tí hínjì á wà, kí ẹ sì fi ya gbígbá ilẹ̀kùn.

Bí ṣọ́ọ̀kì bá fi hàn pé 10 náà kò pé, ẹ má ṣe jẹ́ kí káfíńtà dín jíjìn wọ́dúróòbù kù sí 45, torí pé háńgà tó gbé ẹ̀wù àgbàlagbà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé. Ilẹ̀kùn tó ń sún lórí réèlì ló yẹ. Kò ní gba nǹkan kan níwájú, àmọ́ réèlì rẹ̀ á jẹ díẹ̀ nínú jíjìn wọ́dúróòbù, ìdajì rẹ̀ péré ni ẹ sì lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ sọ fún káfíńtà pé kó to àwọn dúrọ́ọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn pákó kan ṣoṣo, kí wọ́n má ṣe wà láàárín níbi tí pákó méjèèjì ti pàdé, torí dúrọ́ọ̀ tó bá wà níbẹ̀ kò ní fà jáde láéláé.