Kí Ló Dé Tí Káńtà Wa Fi Ń Fo 8?

Káńtà 74HC163 tí a tò sórí bírẹ́ẹ̀dìbọ́ọ̀dù yẹ kó ka 0 dé 15, kó tún padà sí 0. Àmọ́ nígbà míì, ó máa ń fò láti 7 sí 9, tàbí láti 15 sí 1. Ohun tí mo kọ sí ìparí ìjábọ̀ wa nìyí.

Ìyára kọ́ ló fà á. Mo dín kílọ́ọ̀kì kù sí ìlù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ṣì ń fò.

Ẹ wo ibi tó ti ń fò: 0111 ń di 1000, 1111 ń di 0000. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ọ́síílóskóòpù wo ẹsẹ̀ iná àti ẹsẹ̀ ilẹ̀ ṣíìpù náà gan-an, mo sì rí i pé fólíteèjì ń mì ní àkókò yẹn. Ṣíìpù wá rí ìlù kan bíi méjì: ó ka 8, ó sì ka 9 kí ojú tó ṣẹ́.

Mo ki kapasítọ̀ 100 nF sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ìfò náà dúró. Mo yọ ọ́, ó padà. Ẹjọ́ parí.