Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Fọwọ́ Kan Ẹ̀rọ?

Ihò kan ni wọ́n ní kí ẹni tó ń fi léètì oníkọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ gbẹ́ sínú alumíníọ́ọ̀mù, kí ọ̀pá irin lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n kọ 25 H7 sórí àwòrán iṣẹ́ náà. Ìyẹn ni pé fífẹ̀ ihò kò gbọdọ̀ dín ní mílímítà 25, àlékún tó sì lè ní kò gbọdọ̀ ju máíkírọ́ọ̀nù 21 lọ. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mílímítà kan, nítorí náà irun orí èèyàn nípọn ju gbogbo àyè yẹn lọ. Àlékún orí 25 yìí nìkan la ó máa kà látibí lọ, 10.5 sì ni àárín gbùngbùn àyè náà.

Ọ̀gbẹ́ni oníléètì yìí kì í fiṣẹ́ ṣeré. Ó wọn ihò àkọ́kọ́, ó bá 15. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó yọ 4.5 kúrò. Ó wọn èyí tó tẹ̀ lé e, ó bá 7, ló bá tún fi 3.5 kún un. Bó ṣe ń ṣe é látàárọ̀ nìyẹn, kò sì mọ̀ pé òun gan-an ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń gé ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n díẹ̀, ibì kan le ju ibì kan lọ nínú alumíníọ́ọ̀mù, ọwọ́ tó di géèjì mú náà kì í dúró sójú kan. Bí èèyàn bá ń lé irú ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri, ṣe ló ń gbé àṣìṣe ihò àná lé ti òní lórí. Ìṣirò fi hàn pé ẹni tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan máa mú kí ìtànká ìwọ̀n di ìlọ́po 1.41. W. Edwards Deming máa ń fi àrọ àti bọ́ọ̀lù kékeré ṣàfihàn ọ̀rọ̀ yìí fáwọn tó bá wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà wo wá ni kó fọwọ́ kàn án? Walter Shewhart, tó ń ṣiṣẹ́ ní Western Electric ní Amẹ́ríkà, ló fi ìwé olójú kan dáhùn ní May 1924, ṣáàtì kan sì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yà á rèé. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ihò márùn-ún tó tẹ̀ léra. Ẹ kọ ìpíndọ́gba wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù. Ká ní lẹ́yìn ìdìpọ̀ 25, ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12, tí ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ 5.8 ní ìpíndọ́gba. Fún ìdìpọ̀ márùn-márùn, 0.577 la fi ń sọ 5.8 di púpọ̀, ó di bíi 3.3. Nítorí náà, ààlà ṣáàtì jẹ́ 8.7 nísàlẹ̀ àti 15.3 lókè.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ 0 àti 21 kò wáyé níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló fa ààlà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ya àwòrán. Ọ̀pọ̀ ló ń fa ààlà àwòrán sórí ṣáàtì yìí, àṣìṣe ńlá sì ni, torí ìpíndọ́gba ihò márùn-ún kì í tàn ká tó ihò kan ṣoṣo.

Bí abẹ tó ń gé ihò bá ń jẹ, ihò á máa kéré sí i díẹ̀díẹ̀: 12, 11.4, 10.6, 9.7, 8.5. Gbogbo ihò náà ṣì dára lójú àwòrán, àmọ́ ṣáàtì ti ké gbàjarè pé kí wọ́n pààrọ̀ abẹ. Tó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ inú ìdìpọ̀ ló ṣàdédé fò sókè, ẹ lọ wo ibi tí ẹ̀rọ ti di iṣẹ́ mú, ó ṣeé ṣe kó ti rọ̀.

Ìgbà tí ṣáàtì bá fara balẹ̀ tán la tó lè béèrè bóyá iṣẹ́ náà bá àyè tí wọ́n fún un mu. 2.326 la fi ń pín 5.8, ìtànká ihò kọ̀ọ̀kan á sì jẹ́ 2.5.

```
Cp  = 21 / (6 × 2.5) = 1.40
Cpk = (21 − 12) / (3 × 2.5) = 1.20
```

Cp ń wo fífẹ̀ àyè nìkan. Cpk ń wo ẹ̀gbẹ́ tí a sún mọ́ jù, ìyẹn òkè níbí. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ń béèrè pé kí Cpk tó 1.33. Kò gba kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun: kí wọ́n yọ 1.5 kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Cpk á di 1.40. Ní ti oníléètì wa tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi, ìtànká tirẹ̀ ti di bíi 3.5, Cp rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí 1 lọ. Nínú ihò 1,000, bíi mẹ́ta á kọjá ààlà.

Ohun kan wà tí ṣáàtì kò lè rí. Ìwọ̀n òtútù 20 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé fẹnu kò sí pé ká ti máa wọn nǹkan. Tí wọ́n bá ń wọn ihò alumíníọ́ọ̀mù yìí nígbà tó ṣì gbóná tó 30, fífẹ̀ rẹ̀ á ti lé ní bíi máíkírọ́ọ̀nù 6. Torí pé bákan náà ni gbogbo ìdìpọ̀ ṣe gbóná, ìlà ṣáàtì á tẹ́jú bẹẹrẹ, Cpk á sì máa pe ara rẹ̀ ní 1.40. Nígbà tí wọ́n bá tutù, àárín wọn á ti bọ́ sí bíi 4.7, Cpk wọn gan-an kò sì ní ju 0.63 lọ.