Báwo Ni Àwọn Ìlà Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Jìnnà Síra Wọn Tó?

Bí iná léésà pupa bá gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kọjá, ìlà pupa àti ìlà dúdú ló máa tò sára ògiri. Níbi tí ọ̀nà láti ihò kan bá ti fi ìgùn ìgbì kan, λ, gùn ju ti èkejì lọ, ìgbì méjèèjì á ran ara wọn lọ́wọ́. Ìlà pupa tó tẹ̀ lé ti àárín nìyẹn.

Ká pe àlàfo ihò méjèèjì ní d, ká pe jíjìnnà ògiri ní L. Ní ibi tó fi y kúrò láàárín, ìyàtọ̀ ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dy/L, bí y bá kéré gan-an sí L. Nítorí náà dy/L = λ, y = λL/d.

Bí λ bá jẹ́ nanomítà 650, L mítà 2, d mílímítà 0.25, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di mítà:

y = (650 × 10⁻⁹ × 2) ÷ (0.25 × 10⁻³) = 0.0052

Mílímítà 5.2 nìyẹn. Àlàfo kan ṣoṣo ṣòro fi rúlà wọ̀n dáadáa. Ẹ wọn márùn-ún pọ̀, mílímítà 26, kí ẹ wá fi 5 pín in.