Bí àkọlé àti àpèjúwe ṣe ń mú kí wọ́n rí àkójọ fídíò yín lórí YouTube

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí akẹ́kọ̀ọ́ kan nílùú Kùmásì, lórílẹ̀-èdè Gánà, ṣe ìdánwò WASSCE. Dátà tó kù lórí fóònù rẹ̀ kò lè wo ju fídíò mélòó kan lọ. Ó ṣí YouTube, ó sì tẹ "elective maths differentiation".

Olùkọ́ kan wà ní Àbújá tó ti ṣe fídíò méjìlá lórí apá ìṣirò yìí gan-an, tó sì tò wọ́n tẹ̀léra wọn sínú àkójọ kan. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní rí i, torí pé "Maths 3" ni olùkọ́ náà pe àkójọ ọ̀hún.

Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wá ẹ̀kọ́ lórí YouTube rí yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Àkójọ fídíò, tí YouTube ń pè ní Playlist, ní ojú ewé tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí ojú ewé fídíò kọ̀ọ̀kan. Àkọlé àkójọ náà wà níbẹ̀, àpèjúwe rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ gbogbo fídíò inú rẹ̀ ní títò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka gbogbo èyí, kó sì mú ẹ̀kọ́ tó fẹ́, kó tó di pé fídíò kankan bẹ̀rẹ̀ sí jẹ dátà rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló yẹ kó gbé èèyàn débẹ̀ o. Ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú ìbéèrè kan ṣoṣo, fídíò kan ló ń wá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ apá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni àkójọ wà fún. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún àkójọ yín ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fídíò kan nínú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì má baà máa bá ara wọn du ipò kan.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é ládùúgbò wọn

Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló wà nínú àjọ WAEC: Nàìjíríà, Gánà, Siẹra Lióònù, Gáḿbíà àti Làìbéríà. Wọ́n jọ ń ṣe WASSCE, ṣùgbọ́n wọn kì í fi orúkọ kan náà pe iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń pè ní Further Maths, Elective Maths ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Gánà. Ìṣirò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, Core Maths ni lọ́hùn-ún, General Maths ni níbí.

Olùkọ́ tó bá kọ orúkọ kan ṣoṣo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ apá kan nínú àwọn tó lè wo iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀, ẹ tẹ ìdajì rẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí YouTube, kí ẹ wo ohun tó máa fi parí rẹ̀. Lórí Google Trends, ẹ lè mú YouTube Search, kí ẹ yan Gánà, lẹ́yìn náà Nàìjíríà, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ méjì wé ara wọn. Olùkọ́ wa lè wá yí "Maths 3" padà sí èyí:

```
Further Maths Differentiation for WASSCE | Elective Maths
```

YouTube gba ààyè lẹ́tà 150 fún àkọlé àkójọ, èyí kò sì ju 57 lọ, ká ka àlàfo mọ́ ọn. Lójú fóònù, wọ́n sábà máa ń gé àkọlé gígùn, ìdí nìyẹn tí orúkọ iṣẹ́ àti apá tí wọ́n ń kọ́ fi ṣíwájú. Orúkọ olùkọ́ náà kò sí níbẹ̀, torí YouTube fúnra rẹ̀ máa ń kọ orúkọ ojú òpó sábẹ́ àkójọ.

Ó lè wù yín láti fi JAMB náà kún un, kí èrò lè pọ̀. Mo ti rí i káàkiri. Àmọ́ kò sí Further Maths nínú ìdánwò UTME tí JAMB ń ṣe, torí náà irọ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ JAMB tó bá wọlé yóò sì tètè jáde. Òfin YouTube pẹ̀lú kò fàyè gba àkọlé tàbí àpèjúwe tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nípa ohun tó wà nínú àkójọ.

Àpèjúwe tí ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ lófìfo

Ààyè lẹ́tà 5,000 ló wà fún àpèjúwe, ọ̀pọ̀ kì í sì í kọ ohunkóhun síbẹ̀. Bí ó bá ṣófo, ohun tó lè hàn lábẹ́ àkọlé yín lórí Google ni gbólóhùn tí YouTube fi ń polówó ara rẹ̀, pé kí ẹ pín fídíò yín pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ẹbí àti gbogbo ayé. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa torí ìyẹn tẹ̀ ẹ́.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí ìyókù sábà máa ń pamọ́ títí èèyàn yóò fi tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i:

```
Differentiation for WASSCE Further Maths, called Elective Maths
in Ghana: first principles, product rule, maxima and minima.
```

Lẹ́yìn èyí ni kó sọ ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ẹni tí àkókò kò tó fún lè fò lọ bá, àti líǹkì àkójọ tó kàn. Kò nílò láti kọ ọ́ pé fídíò méjìlá ni. YouTube ti ń ka ìyẹn, bó bá sì fi ìkẹtàlá kún un lọ́la, àpèjúwe rẹ̀ á di irọ́.

Líǹkì wo ni ẹ ń pín?

Ibí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Wọ́n á ṣí fídíò kan nínú àkójọ, wọ́n á da líǹkì orí rẹ̀ kọ, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì:

```
youtube.com/watch?v=...&list=PL...
youtube.com/playlist?list=PL...
```

Fídíò ni èkíní ń ṣí, kíá ló sì ń bẹ̀rẹ̀ sí jẹ dátà. Ojú ewé fídíò yẹn náà ni Google ń kà á sí, kì í ṣe àkójọ. Èkejì nìkan ló ń gbé èèyàn lọ sójú ewé àkójọ. Òun ni kó wà lábẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan, òun náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láì wọlé sí àkáǹtì yín. Lórí YouTube, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ̀, kí ẹ sì fi Filters mú Playlist nìkan. Lórí Google, ẹ tẹ èyí:

```
site:youtube.com/playlist "Further Maths Differentiation"
```

Bí ẹ bá tẹ àkọlé yín gẹ́lẹ́ tí kò sì jáde lórí YouTube, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Public ni àkójọ náà, torí èyí tó bá wà ní Unlisted tàbí Private kì í jáde nínú ìṣàwárí. Bí ó bá ń jáde tí wọn kò tẹ̀ ẹ́, ẹ wo àwòrán iwájú rẹ̀. Fídíò àkọ́kọ́ ló sábà máa ń yá a ní àwòrán, bí ìyẹn bá sì jẹ́ ojú olùkọ́ tó ń kí wọn káàbọ̀, kò sí ohun tó máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìṣirò ló wà níbẹ̀.

Ẹ má sì yà á lẹ́nu bí Google bá gbé fídíò kan ṣoṣo nínú méjìlá náà jáde dípò àkójọ. Ó wọ́pọ̀. Ìdí tí líǹkì àkójọ fi gbọ́dọ̀ wà ní ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan nìyẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ Kùmásì tó bá já sí ẹ̀kọ́ keje lè padà sí ìkíní.